Bí mo ṣe ṣírò ìgbà tí ìbora ń mú wáyà tutù àti ìgbà tó ń pa ooru mọ́ sínú páìpù

Ọmọ iṣẹ́ mi ló bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe rọ́bà ara wáyà yìí ló ń há ooru mọ́ ọn? Tá a bá bó o kúrò ńkọ́, ṣé kò ní tutù sí i?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, torí náà mo ní kó mú bíírò àti pépà wá ká jọ ṣírò ẹ̀.

Ohun méjì ni rọ́bà ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń dínà fún ooru tó ń ti inú kọ́pà bọ̀, ṣùgbọ́n ó tún ń jẹ́ kí ara wáyà fẹ̀ sí i níta, tí afẹ́fẹ́ á fi ráyè gba ooru lọ. Bó ṣe rí fún wáyà tàbí páìpù tó gùn ní mítà kan nìyí:

```
R = ln(r/r0)/(2πk) + 1/(2πrh)
```

R ni gbogbo ìdènà tí ooru máa bá pàdé, r0 ni rédíọ́ọ̀sì kọ́pà, r ni ti ìta rọ́bà, k ni bí rọ́bà ṣe ń jẹ́ kí ooru gba inú ẹ̀ kọjá, h sì ni bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbà á lọ. Bí r ṣe ń tóbi, apá àkọ́kọ́ ń pọ̀ sí i, apá kejì ń dín kù. Ibi tí R ti kéré jù ni r = k/h. Ibẹ̀ gan-an la ń wá. Ẹ wò ó dáadáa, r0 ò sí níbẹ̀ rárá, ìyẹn ni pé bí wáyà ṣe tóbi tó kò yí i padà.

Wáyà tiwa, kọ́pà ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2 ní ìbú, torí náà r0 jẹ́ 1. Rọ́bà PVC, mo mú k ní 0.16 W/mK, afẹ́fẹ́ yàrá tí kò sí fáànù, mo mú h ní 10 W/m²K. Mo pín in, ó jẹ́ mítà 0.016, ìyẹn mìlímítà 16. Rọ́bà ara wáyà kò súnmọ́ ibẹ̀ rárá, mìlímítà 1 péré ló nípọn! Tí áńpì 20 bá ń gba inú ẹ̀ kọjá, ooru bíi wọ́ọ̀tì 2.2 ló ń jáde lára mítà kan. Tó bá wà ní ìhòhò, R jẹ́ 15.9, kọ́pà á fi nǹkan bíi dígírì 35 gbóná ju yàrá lọ. Pẹ̀lú rọ́bà, R já sí 8.6, kò ní ju dígírì 19 lọ. Rọ́bà tó rò pé ó ń há ooru mọ́ ọn ló ń bá a tú u jáde.

Ó wá bi mí nípa páìpù omi gbígbóná tín-ín-rín tí wọ́n ki bọ inú họ́ọ̀sì PVC kí ooru má bàa sá. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yí padà. Ìbú páìpù yẹn níta jẹ́ mìlímítà 6, r0 jẹ́ 3, họ́ọ̀sì náà sì nípọn ní mìlímítà 3. Tí omi bá fi dígírì 40 gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ, páìpù ìhòhò á máa pàdánù wọ́ọ̀tì 7.5 lórí mítà kan, èyí tó wọ họ́ọ̀sì á máa pàdánù 12. Mo tún wá ìgbà tí PVC yẹn máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ooru dúró ju ìhòhò lọ, rédíọ́ọ̀sì ẹ̀ níta gbọ́dọ̀ kọjá nǹkan bíi mìlímítà 600, ta ló fẹ́ gbé páìpù tó fẹ̀ ju ìlẹ̀kùn lọ sínú ilé?

Fóòmù ló yẹ ibẹ̀. k tiẹ̀ jẹ́ bíi 0.035, torí náà k/h jẹ́ mìlímítà 3.5, ó fi díẹ̀ ju 3 tí páìpù ní lọ. Èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pépà kò ní ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tá a bá fi èyí tó nípọn ní mìlímítà 9 wé e, ooru tó ń sá á já sí wọ́ọ̀tì 5.2. Tí páìpù bá jẹ́ mìlímítà 15 ní ìbú, rédíọ́ọ̀sì ẹ̀ ti kọjá 3.5 tẹ́lẹ̀, fóòmù yòówù tá a bá wé mọ́ ọn ló máa dín ooru tó ń sá kù.

Ẹ ṣọ́ h o, torí òun ló máa ń yí padà jù. Tí fáànù bá ń fẹ́ sí wáyà tí h fò lọ sí 50, k/h PVC á já wálẹ̀ sí mìlímítà 3.2. Wáyà tí wọ́n so pọ̀ mọ́ òmíràn, tàbí tí wọ́n rì mọ́ inú fóòmù òkè àjà, kò sí afẹ́fẹ́ tó ń kan ara ẹ̀ bó ṣe yẹ, ìṣírò yìí ò bá a mu, ó lè gbóná ju ohun tí nọ́ńbà wa sọ lọ dáadáa. Irú wáyà bẹ́ẹ̀, áńpì tó ń gba inú ẹ̀ kọjá ni kẹ́ ẹ dín kù.