Àṣìṣe tẹ́ ẹ ń ṣe nídìí Freeze Panes tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ máa sanwó lásán

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnì kan tún pè mí láàárọ̀ yìí pé Excel ti jẹ orúkọ mọ́ òun lọ́wọ́. Excel ò jẹ nǹkan kan, Freeze Panes tó ń di àkọlé mú lójú kan tá a bá ń yí ìwé lọ sísàlẹ̀ ni wọn ò mọ̀ ọ́n lò. Ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mò ń bá wọn tọ́jú lórí kọ̀ǹpútà, àwọn àṣìṣe kan náà ni mo sì ń bá pàdé lọ́dọ̀ àwọn akọ̀wé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ ti sanwó fún alátùn-únṣe kí wọ́n tó rántí bi èèyàn.

1. Ẹ ń tẹ Freeze Top Row nígbà tí àkọlé yín ò sí ní ìlà kìíní. Ẹ wo bí ìwé ẹgbẹ́ ṣe máa ń rí: orúkọ ẹgbẹ́ wà ní ìlà 1, àdírẹ́sì ní ìlà 2, oṣù ní ìlà 3, ìlà 4 ló wá ní Nọ́mbà, Orúkọ, Owó tó dá, Owó tó yá, Ìyókù. Tẹ́ ẹ bá tẹ Freeze Top Row, orúkọ ẹgbẹ́ nìkan ló máa dúró, tẹ́ ẹ bá wá yí i dé ọ̀dọ̀ ẹni igba, iye owó lásán lẹ máa rí, ẹ ò ní mọ èyí tó dá yàtọ̀ sí èyí tó yá.

2. Ẹ ń tẹ Freeze Top Row tán, ẹ tún lọ tẹ Freeze First Column, kí méjèèjì lè dúró pọ̀. Kò lè dúró pọ̀, èyí tẹ́ ẹ tẹ̀ kẹ́yìn ló máa tú ti àkọ́kọ́.

Ibi tí kọ́sọ̀ yín wà ni gbogbo ẹ̀ dá lé. Freeze Panes máa ń di gbogbo ìlà tó wà lókè kọ́sọ̀ mú, á sì di gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù tó wà lápá òsì ẹ̀ mú. Nínú ìwé tá a wò yẹn, a fẹ́ kí ìlà 1 dé 4 dúró, ká sì tún máa rí nọ́mbà àti orúkọ tó wà ní A àti B, nítorí náà C5 la máa tẹ̀, ká tó lọ sí View, Freeze Panes, ká tún wá mú Freeze Panes tó wà nínú ẹ̀. Ó parí.

3. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ẹ ń fíríìsì nígbà tẹ́ ẹ ti yí ìwé lọ sísàlẹ̀! Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà lásìkò yẹn ni Excel máa ń dì mú, ohun tó ti wọlé sókè ò ní ṣeé yí padà wá mọ́. Akọ̀wé kan ti yí tiẹ̀ títí tí ìlà 9 fi di òkè pátápátá, ló bá tẹ Freeze Top Row. Ìlà ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ló wá dúró bí àkọlé, ìlà 1 dé 8 sì di àwátì, àkọlé gangan àti èèyàn mẹ́rin tó wà ní ìlà 5 dé 8. Ó yí máàsì títí, kò rí wọn, àyà ẹ̀ já, ó ṣáà rò pé òun ti pa wọ́n rẹ́, ló bá fún ọmọkùnrin kan ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà kó bá òun tún àwọn mẹ́rin yẹn tẹ̀ sáàárín àwọn tó kù. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ ò kúrò níbì kankan o, SUM ṣì ń kà wọ́n, ìyẹn ló jẹ́ kí àpapọ̀ owó tí wọ́n dá fi ₦85,000 ju ohun tó wà ní báńkì lọ. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá owó yẹn kí n tó wo nọ́mbà ìlà tó wà létí òsì, tí mo rí i pé orí 9 ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ Unfreeze Panes, mo yí i sókè, àwọn mẹ́rin náà jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́.

Torí náà, tí nǹkan yín bá sọnù, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́mbà etí òsì yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Kẹ́ ẹ sì tó fíríìsì, ẹ tẹ Ctrl+Home kí ìwé padà sórí A1, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá tẹ C5.

Kò gbọdọ̀ jẹ́ orí A1 lẹ ti máa tẹ Freeze Panes o, àárín ojú kọ̀ǹpútà ló máa gé sí.

Àwọn tó ń gbé àmì ẹgbẹ́ ńlá sókè ìwé, tí wọ́n wá di gbogbo ẹ̀ mú lórí láptọ́ọ̀pù kékeré, ìlà mẹ́ta péré ló máa kù tó ń yí. Ẹ dín gíga àwọn ìlà yẹn kù.

Fíríìsì ò sì kan bébà. Mo ti rí ẹni tó tẹ ìwé mẹ́rìnlá jáde fún ìpàdé, ojú ìwé kìíní nìkan ló ní àkọlé, ó tún fẹ́ lọ ra yíǹkì mìíràn. Page Layout lẹ máa lọ, Print Titles, kẹ́ ẹ wá kọ èyí síwájú Rows to repeat at top:

```
$4:$4
```