Nígbà tí SS1 bá di SS30: ìwé ìléwọ́ Excel tí mo kọ fún àwọn ọmọ wa ní Kubwa

Ní Kubwa, l'Ábùjá níbí, àwa òbí kan tí a jẹ́ Yorùbá máa ń kó àwọn ọmọ wa tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì jọ ní ọjọ́ Sátidé láti kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Nígbà tí ó kan Excel, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé ìléwọ́ rẹ̀. Mo pinnu pé tábìlì kan ṣoṣo ni màá lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyẹn rẹ́jísítà kíláàsì ọlọ́gbọ̀n ọmọ: nọ́mbà wà ní òpó A, orúkọ ní B, kíláàsì ní C, ọjọ́ ìbí ní D, fóònù òbí ní E.

Títẹ nǹkan sínú àpótí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ọmọ má ṣe máa fi máòsì wá àpótí kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá tẹ orúkọ tán, kí ó tẹ Tab láti bọ́ sí àpótí ọwọ́ ọ̀tún. Bí ó bá dé òpin ìlà, kí ó tẹ Enter, Excel yóò sì gbé e padà sábẹ́ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Tab. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí wọ́n máa wo ẹ̀gbẹ́ tí ohun tí wọ́n tẹ̀ fara tì. Ọ̀rọ̀ a máa fara ti òsì, nọ́mbà a sì máa fara ti ọ̀tún. Nọ́mbà fóònù ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òdo ni fóònù wa fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá tẹ nọ́mbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080, Excel yóò kà á sí iye, yóò gé òdo iwájú dànù, nọ́mbà mọ́kànlá yóò wá di mẹ́wàá, yóò sì fara ti ọ̀tún. Àmì `'` ni kí ó kọ́kọ́ tẹ̀ kí ó tó tẹ òdo náà. Àmì yẹn kò ní hàn nínú àpótí, ṣùgbọ́n òdo yóò dúró.

Ní ti fífẹ òpó, n kò sọ púpọ̀. Orúkọ tí ó gùn, bí Ògúndìran Olúwatóyìn, yóò dà bí ẹni pé a gé e kúrú bí nǹkan bá wà nínú àpótí tí ó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí òpó D bá há jù fún ọjọ́ ìbí ní tirẹ̀, `########` ni yóò hàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó bá rí i ni yóò fẹ́ pa á rẹ́ kí ó tún un tẹ̀, nítorí náà mo fi lẹ́tà dúdú kọ ọ́ pé kò sí ohun tó bàjẹ́. Kí ó gbé máòsì sórí ìlà tó wà láàárín lẹ́tà D àti E lókè, kí ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léraléra, òpó náà yóò fẹ̀ tó ohun tí ó gùn jù nínú rẹ̀.

Apá tí mo fún láyè jù ni fífà. Nínú A2, kí ọmọ tẹ 1; nínú A3, kí ó tẹ 2. Kí ó yan méjèèjì pọ̀, kí ó di igun kékeré ìsàlẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún mú nígbà tí máòsì bá di àgbélébùú dúdú tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó sì fà á dé A31. Nọ́mbà méjì ni Excel fi ń mọ ìṣísẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 5 àti 10, yóò máa fi márùn-ún márùn-ún lọ. Bí ọmọ bá fa 1 nìkan, 1 ni yóò kún òpó náà.

Òpó kíláàsì wá yàtọ̀. SS1 ni gbogbo ọgbọ̀n ọmọ náà wà, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ SS1 sínú C2 tí a sì fà á lọ sílẹ̀, SS2, SS3 ni yóò tẹ̀ lé e títí dé SS30. Ọ̀rọ̀ tí nọ́mbà wà ní ìparí rẹ̀ ni, Excel sì gbà pé kíkà ni a ń kà. Ohun tí ó dára ni èyí fún nọ́mbà ìwọlé bíi KB/001, nítorí pé yóò di KB/002 láìsọ òdo rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n fún kíláàsì, kí ọmọ di Ctrl mú bí ó ti ń fà á, kí ó sì fi máòsì sílẹ̀ kí ó tó fi Ctrl sílẹ̀. Mo tẹnu mọ́ ọn pé òdìkejì ni Ctrl ń ṣe fún nọ́mbà lásán: 1 tí ó dá wà, tí a bá fi Ctrl fà, yóò di 2, 3, 4. Ẹni tí ó bá ti fà á tán kí ó tó rí i lè tẹ àpótí kékeré tí ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ó fà á dé, kí ó sì yan Copy Cells.

Fún iṣẹ́ àṣetiléwá, mo tẹ rẹ́jísítà kan tí òpó C rẹ̀ ti lọ dé SS30, tí fóònù méjì nínú òpó E sì fara ti ọ̀tún, mo ní kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ gbogbo àpótí tí kò tọ́, kí wọ́n sì kọ ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ti ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.