Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí owó-orí bọ́nọ́ọ̀sì ìparí ọdún

Ìkẹjà ni mo ti ń ṣírò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, àtìgbà náà ni Oṣù Kejìlá sì ti máa ń fọ́ mi lórí. Ọmọ tuntun kì í pẹ́ dé kó tó ṣe àwọn àṣìṣe yìí.

Èkínní, ẹ má sọ pé bọ́nọ́ọ̀sì ₦600,000 kò tó ₦800,000 tí òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2026 yọ kúrò nínú owó-orí lọ́dún. Owó oṣù yín ti jẹ ₦800,000 yẹn tán.

Èkejì ló ń bí mi nínú jù: kí èèyàn da bọ́nọ́ọ̀sì mọ́ owó oṣù, kó wá sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po 12. Ṣé oṣooṣù ni wọ́n ń san bọ́nọ́ọ̀sì ni?

Ẹ wo ẹni tó ń gba ₦200,000 lóṣù, ìyẹn ₦2,400,000 lọ́dún. Ẹ yọ owó ìfẹ̀yìntì, ìdá 8 nínú 100 rẹ̀, ₦192,000. Ó ku ₦2,208,000. Ẹ yọ ₦800,000, kí ẹ gba ìdá 15 nínú 100 lórí ₦1,408,000 tó kù: ₦211,200 lọ́dún, ₦17,600 lóṣù. Ẹ wá fi bọ́nọ́ọ̀sì ₦600,000 kún owó ọdún náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó di ₦2,808,000, kò tíì kọjá ₦3,000,000 tí ìdá 18 ti bẹ̀rẹ̀. Owó-orí ọdún di ₦301,200. Ìyàtọ̀ rẹ̀, ₦90,000, ni owó-orí bọ́nọ́ọ̀sì.

Onílọ̀ọ́po 12 ńkọ́? ₦800,000 ti Oṣù Kejìlá di ₦9,600,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ owó ìfẹ̀yìntì ₦192,000 náà, ìdá 18 gbá a mú, ó sì yọ ₦123,620 lóṣù náà dípò ₦107,600. ₦16,020 olówó ti wọ gbó.

Kí n má purọ́, èmi náà ṣe é lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀. Bàbá awakọ̀ wa tẹ́ ìwé owó oṣù rẹ̀ síwájú mi, ó ní: "Ọ̀gá mi, ẹni tó ń gba owó tó pọ̀ tó báyìí lóṣooṣù dà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí mọ̀ ọ́n."

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má yọ owó ìfẹ̀yìntì lára bọ́nọ́ọ̀sì. Orí owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni ìdá 8 rẹ̀ wà. Ìṣirò àtijọ́ tó ń yọ ₦200,000 àti ìdá 20 owó ọdún kí wọ́n tó gba owó-orí ti kú, ẹ pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín.

Kí fọ́ọ̀mù H1, ìròyìn owó-orí ọdún tí ilé-iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba, tó lọ ní ọjọ́ 31 Oṣù Kíní, ẹ ro gbogbo ohun tí ẹ ti yọ lọ́dún náà pọ̀, kí ẹ fi wé owó-orí ọdún. Bí kò bá dọ́gba, oṣù bọ́nọ́ọ̀sì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ní ti bàbá awakọ̀, a kò tíì san owó-orí oṣù náà fún ìjọba, nítorí ọjọ́ 10 oṣù tó ń bọ̀ ni òpin rẹ̀. Mo tún un ṣírò, mo dá owó rẹ̀ padà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n bá òun kí ọ̀rẹ́ òun olówó náà.