Ohun tí mo bá lábẹ́ ilé ìdáná bàálù

Ọ̀sẹ̀ kejì tí bàálù náà wọ háńgà ni mo tó fojú kan ọ̀pá ìdábùú tó gbé pákó ilẹ̀ ró, tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. A ti tú gbogbo ìjókòó, a ti ká kápẹ́ẹ̀tì, a sì ti gbé ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn jáde pátápátá. Àyẹ̀wò tó tóbi jù lọ ni, èyí tí àwa òṣìṣẹ́ ń pè ní ṣẹ́ẹ̀kì D. Ọ̀pọ̀ ọdún ló máa ń wà láàárín ọ̀kan àti èkejì, bàálù sì lè lo oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Kì í ṣe pé a ò yẹ bàálù yìí wò rí. Èmi fúnra mi ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ nígbà tí mo wà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, níbi tí a ti ń ṣe àyẹ̀wò kúkúrú láàárín ìbalẹ̀ kan sí ìgbéra mìíràn. Ìrìn àyíká ni: mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti imú, n ó wo àwọn ihò kéékèèké tó ń gba afẹ́fẹ́ láti fi díwọ̀n eré, bóyá nǹkan kan dí wọn. N ó wo táyà, n ó wo abẹ́ ìyẹ́ bóyá epo ń jò, n ó sì wo abẹ̀bẹ̀ iwájú ẹnjíìnì bóyá ẹyẹ tàbí òkúta ti gé e létí. Lára bíréèkì, irin tín-ín-rín kan wà tó yọ orí síta. A ó ti bíréèkì mọ́lẹ̀ kí a tó wò ó. Bí irin náà bá ṣì yọ, bíréèkì ṣì kù. Bó bá ti dọ́gba pẹ̀lú ojú ibi tó ti yọ, ó ti jẹ tán, a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì ẹnjíìnì náà ní àsìkò tirẹ̀: kété lẹ́yìn tí ẹnjíìnì bá kú, láàárín ìṣẹ́jú tí ìwé iṣẹ́ sọ, la gbọ́dọ̀ wò ó. Bó bá pẹ́ jù, ọ́ìlì á ti ṣàn sápá ibòmíràn, ìwọ̀n tí a rí á sì tàn wá jẹ.

Ohun tó ń gbó kíákíá ni àyẹ̀wò yẹn ń wá. Ṣẹ́ẹ̀kì A, tí a máa ń ṣe lóru lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún mélòó kan wákàtí ìfò, jìn díẹ̀ jù ú lọ: a ó fi gíríìsì sí oríkèé, a ó wo àwọn asẹ́, a ó dán iná pàjáwìrì wò. Mo ti kúnlẹ̀ nínú ilé ìdáná yẹn gan-an nígbà ṣẹ́ẹ̀kì A, tí mò ń wo ìdè àpótí oúnjẹ. Ilẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ lé ló bo ohun tí à ń wí yìí.

Ṣẹ́ẹ̀kì C, tó sábà máa ń wáyé ní nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ sí méjì, ló tó sún mọ́ ọn. A máa ń ṣí ọ̀pọ̀ ìdérí nígbà náà, a sì lè gba inú yàrá ẹrù wo ọ̀pá ìdábùú láti ìsàlẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ àti abẹ́ rẹ̀ nìkan la ń rí. Orí rẹ̀, níbi tí pákó ilẹ̀ ti jókòó lé e, kì í hàn àfi bí a bá gbé ilé ìdáná kúrò. Orí rẹ̀ yẹn sì lomi ń dúró sí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ibí yìí. Ṣé kì í ṣe ìdọ̀tí ni?” Mo fi tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí iná rẹ̀ má tàn sí i tààrà, kó kàn máa fẹ́ ojú irin náà. Bí iná bá tàn báyìí, gbogbo ibi tó wú ló máa ń ní òjìji. Ọ̀dà ti wú bí ara tí iná jó ní ojú méjì, lébúlébú funfun sì wà létí rẹ̀. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n bí irin bó bá ń dípẹtà. Funfun tàbí eérú ló ń yọ. Nígbà tí mo fi ike ha ọ̀dà náà, irin abẹ́ rẹ̀ ti ń ṣí ní ìpele ìpele bí ewé ìwé tí omi dà sí.

A ha ìpẹtà náà kúrò títí irin fi mọ́. A kì í lo kànrìnkàn onírin fún èyí, nítorí eérún irin á há sínú alumíníọ̀mù, á sì bẹ̀rẹ̀ ìpẹtà mìíràn. A sì ń fẹ̀ ẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ kó rí bí àwo pẹrẹsẹ, torí pé etí tó bá mú ni ojú sísán ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà la wọn ìjìn rẹ̀. Nínípọn ibẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2.0, ìwé àtúnṣe bàálù náà sì gbà kí a ha ìdá mẹ́wàá rẹ̀ kúrò, ìyẹn 0.2. Ojú àkọ́kọ́ jìn ní 0.15: kò kọjá ààlà, ọ̀dà ló kù. Ojú kejì, nítòsí ihò bóòtì, jìn ní 0.38. Ìyẹn ti kọjá ààlà.

Kí a tó sọ̀rọ̀ àtúnṣe, a ní láti mọ̀ bóyá ihò náà ti ń sán. Ojú lásán ò tó. Olùyẹ̀wò tó gba ìwé àṣẹ fún un gbé ẹ̀rọ tó ń rán iná mànàmáná sínú irin wá. Bí ojú sísán bá dí iná yẹn lọ́nà, ìlà orí ẹ̀rọ á fò sókè. Ó yí i ká gbogbo ihò, ìlà náà ò fò. Mo mí kanlẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1988, òrùlé bàálù Boeing 737 ti ilé iṣẹ́ Aloha ya kúrò lójú òfuurufú ní Hawaii, òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ kan sì kú. Bàálù náà ti fò ju ìgbà 89,000 lọ. Àwọn ojú sísán kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò rífẹ́ẹ̀tì ló so pọ̀. Látìgbà tí mo ti kà nípa rẹ̀ ni n kì í fi ojú ihò ṣeré.

Nítorí pé 0.38 kọjá ohun tí ìwé fàyè gbà, a ya àwòrán ibẹ̀, a kọ gbogbo ìwọ̀n rẹ̀, a sì fi ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tó ṣe bàálù náà. Ọjọ́ mẹ́ta la fi dúró. Wọ́n ní kí a gé ibi tó bàjẹ́, kí a sì fi irin tuntun dì í ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. A kun ún ní oògùn tó ń dènà ìpẹtà, a kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, a sì fọ́n èròjà olómi tó ń lé omi sí gbogbo igun. A tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpẹtà tó kọjá ààlà ni, torí ìyẹn ló ń jẹ́ kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tún wo bí àkókò ṣe gùn tó láàárín àyẹ̀wò kan sí èkejì, kí wọ́n sì wo ibì kan náà lára àwọn bàálù wọn yòókù.

Àmọ́ níbo lomi ti wá? Mo tọ páìpù tó ń gbé omi kúrò nínú àwo ìfọwọ́ ilé ìdáná lọ. Ìdè kan ti dẹ̀ níbi tí páìpù méjì ti pàdé, gọ́ọ̀mù tó dí àlàfo pákó ilẹ̀ sì ti gbó. A pààrọ̀ méjèèjì. Nígbà tí a dá ilé ìdáná padà, mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn da omi sínú àwo náà díẹ̀díẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ sínú yàrá ẹrù, mo we bébà ìnuwọ́ mọ́ oríkèé páìpù, mo sì dì í mú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí mo ṣe tú u, bébà náà gbẹ. Ìgbà yẹn ni mo tó fọwọ́ sí ìwé.