Àwọn àṣìṣe tó ń jẹ máàkì yín nínú ìṣirò òfin Amdahl (ó ti jẹ owó tèmi náà rí)

Ìwé ìdánwò tí mo ti máàkì lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ débi pé tí mo bá tún rí ẹni tó kọ ọ́ pé "kóòrù 8 la fún prógíráàmù yìí, torí náà ó máa yára ní ìlọ́po 8", n ṣe ni mo máa ń gbé bírò sílẹ̀ kí n kọ́kọ́ mu omi. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti a-b-d, ẹ ti ka òfin náà. Ọdún 1967 ni Gene Amdahl ti pariwo ọ̀rọ̀ yìí, pé tẹ́ ẹ bá mú apá kan yára, apá tẹ́ ẹ ò fọwọ́ kàn ò lọ síbì kankan, ó jókòó síbẹ̀ ó ń jẹ àkókò tiẹ̀. Fọ́múlà tá a wá ń lò nìyí:

```
S = 1 / ((1 - f) + f/s)
```

f ni ìpín tí apá tẹ́ ẹ fẹ́ tún ṣe ń kó nínú àkókò, s ni ìlọ́po tí apá yẹn fi yára, S ni ìlọ́po tí gbogbo prógíráàmù fi yára.

1. Tẹ́ ẹ bá ń kọ f, ẹ má fi 60 síbi tó yẹ kí 0.6 wà. Ẹ jọ̀ọ́.

2. Ẹ má máa fi owó lé apá kan ṣoṣo láìwo òpin rẹ̀. Èmi gan-an ni mo ṣe eléyìí, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Mo ní prógíráàmù kan tó ń tún àwòrán ṣe, 200 sẹ́kọ́ndì ló ń gbà. Ìṣirò orí àwòrán yẹn ń jẹ 120, kíka fáìlì àti kíkọ ọ́ padà sórí dísìkì pẹ̀lú àwọn kantankantan míì ń jẹ 80. Mo lọ ra káàdì gíráfíìkì tó ń ṣe ìṣirò yẹn ní ìlọ́po 8, mo ti ń sọ fáwọn èèyàn pé sẹ́kọ́ndì 25 ló máa kù. Mo tan án, 95 ni mo rí. Ẹ ṣe é lórí ìwé: 120 pín sí 8 jẹ́ 15, fi 80 kún un, 95 náà nìyẹn. 200 pín sí 95, ìlọ́po 2.11. Ṣé mo wá fara balẹ̀? Rárá o, mo tún lọ ra káàdì tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìlọ́po 16 nìyẹn. 120 pín sí 16 jẹ́ 7.5, àpapọ̀ 87.5, ìlọ́po 2.29. Sẹ́kọ́ndì méje àbọ̀ ni gbogbo owó ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn rà fún mi! Ká tiẹ̀ ní káàdì kan wà tó ń ṣe ìṣirò yẹn kéèyàn tó ṣẹ́jú, 80 yẹn ò ní yẹ̀ níbẹ̀, 200 pín sí 80 jẹ́ 2.5, ibẹ̀ ló parí sí. Lórí fọ́múlà, 1/(1 - f) ni òpin yẹn. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan.

3. Tí ìdáhùn bá jáde ní òdì, ẹ má pa àmì ìyọkúrò rẹ́. Ìbéèrè máa ń wá báyìí: ìlọ́po mélòó ló yẹ kí ìṣirò yẹn fi yára kí gbogbo ẹ̀ lè yára ní ìlọ́po 2? Ó rọrùn, 200 pín sí 2 jẹ́ 100, yọ 80, ó ku 20 fún ìṣirò, 120 pín sí 20 jẹ́ 6. Olùkọ́ á wá ní kẹ́ ẹ ṣe é fún ìlọ́po 3. 200 pín sí 3 jẹ́ 66.67, yọ 80, ó di -13.33, 120 pín sí ìyẹn jẹ́ -9. Akẹ́kọ̀ọ́ á wo -9 yẹn, á rò pé kakulétọ̀ ló ń ṣèrànrán, á kọ 9. Òdì yẹn gan-an ni ìdáhùn! Ó ń sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe, torí 80 tẹ́ ẹ ò fọwọ́ kàn ti ju gbogbo àkókò tẹ́ ẹ ní lọ. Ẹ kọ "kò ṣeé ṣe", kẹ́ ẹ sì kọ ìdí ẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù wá kàn báyìí, ẹ má bínú tó bá gùn. Inú àkókò ÀTIJỌ́ ni f ti ń wá. Àtijọ́! Kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti tún un ṣe. Ẹ padà síbi káàdì mi. Lẹ́yìn tí mo ti fi káàdì àkọ́kọ́ sí i, tẹ́ ẹ bá wọn prógíráàmù yẹn, ẹ máa rí i pé 15 péré ni ìṣirò ń jẹ nínú 95, ìyẹn 0.158. Ẹni tó bá gbé 0.158 sí f, tó gbé 8 sí s, ìlọ́po 1.16 ló máa rí, bẹ́ẹ̀ 200 ti di 95 lójú gbogbo wa! Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò mọ̀ pé ẹ máa kó síbẹ̀, wọ́n á wá rọra kọ ọ́ pé: "lẹ́yìn àtúnṣe, prógíráàmù ń gba 60 sẹ́kọ́ndì, apá tó ti yára ní ìlọ́po 5 sì ń lo ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tuntun náà, ìlọ́po wo ni gbogbo ẹ̀ fi yára?" Ìdajì kíláàsì á ti gbé 0.4 sínú fọ́múlà kí wọ́n tó kà á tán, wọ́n á rí 1.47, wọ́n á fà á nílà méjì lábẹ́ bíi pé wọ́n ti yege. Ẹ gbàgbé fọ́múlà níbẹ̀ jàre, ẹ dá àkókò padà sẹ́yìn. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ti 60 jẹ́ 24. 24 yẹn ti kéré ní ìlọ́po 5, torí náà tẹ́lẹ̀, 120 ni. 36 tó kù ò yí padà. 120 àti 36 jẹ́ 156, 156 pín sí 60 jẹ́ 2.6. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá ara yín lójú, f gidi jẹ́ 120 pín sí 156, ìyẹn 0.769, ẹ gbé e sínú fọ́múlà pẹ̀lú 5, 2.6 náà ló máa bọ́ síta. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ nínú ìbéèrè ni "lẹ́yìn àtúnṣe" àbí "tẹ́lẹ̀", kì í ṣe nọ́ńbà.

Ọmọ ìyá ẹ̀ kan tún wà: kíka iye ìtọ́ni dípò àkókò. Tí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìtọ́ni bá ń gba sáíkù 10 lọ́kọ̀ọ̀kan, tí 80 tó kù ń gba sáíkù 1 lọ́kọ̀ọ̀kan, sáíkù 200 nínú 280 ni f, ìyẹn 0.71. Kì í ṣe 0.2.

Ìkarùn-ún (àbí ìkẹfà, mi ò kà á mọ́): tí àtúnṣe bá jẹ́ méjì, ẹ má sọ ìlọ́po wọn di púpọ̀ síra wọn. Nínú 80 tèmi yẹn, kíka àti kíkọ fáìlì nìkan ń jẹ 50, kantankantan jẹ 30. Ká ní mo fi dísìkì tó yára ní ìlọ́po 2 sí i. Dísìkì nìkan, 200 máa di 175, ìlọ́po 1.14. Ẹlòmíì á wá mú 2.11 lọ́nà 1.14, á ní 2.41. Irọ́ ni. Ẹ to àkókò wọn pọ̀: 15 fún ìṣirò, 25 fún fáìlì, 30 fún kantankantan, 70 ni, 200 pín sí 70 jẹ́ 2.86. Ohun tó fà á ni pé lẹ́yìn tí káàdì ti wọlé, fáìlì kì í ṣe 50 nínú 200 mọ́, 50 nínú 95 ló ti dà, ó ti ju ìdajì lọ.

Ẹ sì wò ó dáadáa: dísìkì yẹn ì bá yọ sẹ́kọ́ndì 25, káàdì kejì yọ 7.5. Dísìkì sì ni owó ẹ̀ kéré jù nínú gbogbo wọn. Káàdì kejì yẹn wà nínú páálí ẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì rí ẹni tó máa rà á.