Gíga igi àwárí tí a kọ́ láìṣètò: ibi tí àlàyé ti máa ń yà bàrá

Bí a bá da kọ́kọ́rọ́ n rú bí ẹni ń pò káàdì, tí a wá ń fi wọ́n sínú igi àwárí onímejì lọ́kọ̀ọ̀kan láìtún igi náà tò, ìpíndọ́gba gíga rẹ̀ kò ní ju bí ìlọ́po mẹ́ta `log2 n` lọ. Ọ̀pọ̀ ló mọ ìdáhùn yìí sórí. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń ṣì sọ. Kí a tó bẹ̀rẹ̀: nínú irú igi yìí, kọ́kọ́rọ́ tó kéré sí ti nóòdù máa ń lọ sí òsì rẹ̀, èyí tó tóbi jù ú lọ á lọ sí ọ̀tún; iye ẹ̀ka tí a ó gbà kọjá láti gbòǹgbò dé nóòdù tó jìn jù ni à ń pè ní gíga. Igi nóòdù kan ga ní 0, ti nóòdù méjì ga ní 1.

Má ṣe sọ pé gbòǹgbò máa ń bọ́ sáàárín

Àlàyé tí a ń gbọ́ jù nìyí: kọ́kọ́rọ́ tó kọ́kọ́ wọlé ló di gbòǹgbò, ìpíndọ́gba ipò rẹ̀ jẹ́ `(n+1)/2`, nítorí náà igi pín sí méjì ọgbọọgba; bí a bá pe gíga igi kọ́kọ́rọ́ n ní `h(n)`, `h(n) = 1 + h(n/2)`, ó tán. Kò tíì tán o. Bí gbòǹgbò ṣe lè bọ́ sí àárín náà ló ṣe lè bọ́ sí ipò kìíní tàbí ìkẹyìn. Gbogbo ipò n ló ní àǹfààní kan náà. Apá tó tóbi jù nínú méjèèjì máa ń gba bíi `3n/4` ní ìpíndọ́gba, kì í ṣe `n/2`. Bí àlàyé yìí bá jẹ́ òótọ́ ni, igi mílíọ̀nù kan kọ́kọ́rọ́ ì bá máa ga ní nǹkan bí 20. Bẹ́ẹ̀ jíjìn nóòdù lásán, ìyẹn iye ẹ̀ka láti gbòǹgbò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ní ìpíndọ́gba, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 25.

Má ṣe fi jíjìn pe gíga

Iye 25 yẹn wá láti inú `2(1 + 1/n)H_n − 4`, níbi tí `H_n` jẹ́ `1 + 1/2 + … + 1/n`. Fún mílíọ̀nù kan, ó fún wa ní 24.8. Ìṣirò yìí rọrùn, nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe máa ń dúró síbẹ̀ tí wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ti fi ìdí ọ̀rọ̀ gíga múlẹ̀. Ẹ wo igi yìí: nóòdù 999,000 tò dáadáa, kò sí àyè tó ṣófo, ṣùgbọ́n 1,000 tó kù so kọ́ra wọn bí ẹ̀wọ̀n lábẹ́ ewé kan. Ẹ̀wọ̀n náà kò fi ju bí ìdajì kan lọ kún ìpíndọ́gba jíjìn. Gíga igi náà sì ti kọjá 1,000. Ìpíndọ́gba jíjìn kì í rí irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀. Gíga nìkan ló ń rí i.

Má ṣe ro gíga apá méjèèjì pọ̀ ní tààrà

Ibí ni ọ̀rọ̀ gan-an wà. Bí gbòǹgbò bá bọ́ sí ipò i, apá òsì á ní kọ́kọ́rọ́ `i−1`, apá ọ̀tún á ní `n−i`, gíga á sì jẹ́ 1 pẹ̀lú èyí tó ga jù nínú méjèèjì. Ọ̀rọ̀ "èyí tó ga jù" yìí ló ń dáni dúró, nítorí ìpíndọ́gba èyí tó ga jù lè ju èyí tó pọ̀ jù nínú ìpíndọ́gba méjèèjì lọ. Ọ̀nà ẹ̀bùrú tí a máa ń gbà ni pé èyí tó ga jù kò lè ju àròpọ̀ méjèèjì lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ro gíga pọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí a ó rí ni

```
h(n) ≤ 1 + (2/n)(h(0) + h(1) + … + h(n−1))
```

Bí a bá yanjú rẹ̀, a ó bọ́ sórí `(2n−1)/3`. Fún mílíọ̀nù kan, ó ń sọ fún wa pé gíga kò ju 666,666 lọ. Kò parọ́, àmọ́ kí la fẹ́ fi ṣe?

Ohun tó yẹ ní ríro pọ̀ ni `2^h`, kì í ṣe h. Ká ní apá kan ga ní 10, èkejì ga ní 4. Bí a bá ro gíga pọ̀, 10 di 14, àṣejù ti wọ̀ ọ́. Bí a bá ro `2^h` pọ̀, 1024 di 1040, èyí tó kéré kò fi bẹ́ẹ̀ da ohunkóhun rú. Tí a bá pe `2^h` ní Y, tí igi òfìfo sì ní Y = 0, Y igi tó ní ju nóòdù kan lọ jẹ́ ìlọ́po méjì Y tó pọ̀ jù nínú apá méjèèjì, nítorí náà, bí E bá dúró fún ìpíndọ́gba:

```
E[Y(n)] ≤ (4/n)(E[Y(0)] + … + E[Y(n−1)])
E[Y(n)] ≤ (n+1)(n+2)(n+3)/24
```

Ìlà kejì jẹ́ n lọ́nà mẹ́ta péré. Log ohun tó jẹ́ `n^3` ni `3 log2 n`: ibẹ̀ ni lọ́gárídíìmù ti wọlé. Kò wá láti inú pípín sí méjì rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi kọ́kọ́rọ́ 1, 2, 3 wò ó. Ètò mẹ́fà ló wà. 213 àti 231 fún wa ní gíga 1. 123, 132, 312 àti 321 fún wa ní gíga 2. Ìpíndọ́gba gíga jẹ́ 10/6, ìyẹn 1.67. Ìpíndọ́gba `2^h` jẹ́ 20/6, ìyẹn 3.33, kò sì ju 4·5·6/24 = 5 lọ.

Ẹ kíyè sí ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn, nítorí àwọn kan máa ń yí i po: 2 sí ìpíndọ́gba gíga kì í ju ìpíndọ́gba `2^h` lọ. Nínú àpẹẹrẹ wa, 2 sí 1.67 jẹ́ 3.17, ó kéré sí 3.33. Ìhà tí a nílò nìyẹn. Ká ní ìhà kejì ló jẹ́ òótọ́, òpó ìdáhùn yìí á wó. Fún mílíọ̀nù kan, log2 ìlà kejì jẹ́ 55.2, ìpíndọ́gba gíga kò sì lè kọjá ibẹ̀.

Ẹ má sì rò pé 3 yẹn kàn jẹ́ àṣejù ìṣirò. Devroye fi hàn ní 1986 pé bí n bá ń tóbi sí i, gíga máa ń sún mọ́ `4.311 ln n`, èyí tó jẹ́ `2.988 log2 n`. Ọgbọ́n àròpọ̀ tó dà bí ẹni pé ó gbojú fo nǹkan yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú ibẹ̀ gan-an.

Má ṣe da ètò pọ̀ mọ́ ìrísí

Nínú ètò mẹ́fà òkè yẹn, igi márùn-ún ló jáde, nítorí 213 àti 231 jọ ń kọ́ igi kan náà, èyí tó dúró dọ́gba. Àǹfààní rẹ̀ jẹ́ 2/6, ti igi yòókù jẹ́ 1/6 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá fún igi márààrún ní 1/5, ìbéèrè mìíràn ló ń dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ sì burú: Flajolet àti Odlyzko fi hàn ní 1982 pé ìpíndọ́gba gíga níbẹ̀ ń lọ bí `2√(πn)`. Fún mílíọ̀nù kan, ìyẹn ju 3,500 lọ.

Ní ti iṣẹ́ ojoojúmọ́, àṣìṣe kan náà ló ń wá lọ́nà mìíràn: "kọ́kọ́rọ́ mi kò ní ètò kankan." Ètò tí wọ́n fi wọlé ni à ń sọ, kì í ṣe iye wọn. Nọ́ńbà tí kò jọra wọn rárá, bí dátábéèsì bá ti tò ó láti kékeré dé ńlá kó tó fi ránṣẹ́, igi yóò di okùn gbọọrọ, gíga `n−1`. Ní Páítọ́ọ̀nù, àmì rẹ̀ ni pé ìfisínú tó ń pe ara rẹ̀ máa já pẹ̀lú `RecursionError` bó bá ti ń sún mọ́ kọ́kọ́rọ́ 1,000, torí pé ibẹ̀ ni ààlà rẹ̀ wà bí a kò bá yí i padà. Ẹ dà á rú kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀:

```python
import random
random.shuffle(keys)
for k in keys:
    root = insert(root, k)
```

Èyí ń fẹ́ kí gbogbo kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ná. Bó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dé, ẹ fún kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí a fa yọ bí kèké, kí ẹ sì yí nóòdù po kí òbí máa ní nọ́ńbà tó kéré sí ti ọmọ. Igi tí yóò jáde dà bí èyí tí a fi ètò tí a dà rú kọ́. Ìṣirò òkè yìí sì jẹ́ ti ìfisínú nìkan. Bí ẹ bá ń yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò, tó sì jẹ́ láti apá ọ̀tún lẹ máa ń mú arọ́pò nígbà gbogbo, igi á máa fì sí òsì díẹ̀díẹ̀, 55.2 kò sì dúró fún un mọ́.