Bí mo ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láì fi "obìnrin náà" kún un

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó ní kí n sọ ọ́ di Yorùbá kí àwọn àgbà ilé lè gbádùn rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ní arọ́pò-orúkọ kan fún ọkùnrin, òmíràn fún obìnrin, bẹ́ẹ̀ "ó" tiwa kì í bèèrè bóyá akọ ni ẹni náà tàbí abo.

Ẹnì kan ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú mi, "obìnrin náà" ló fi dí gbogbo àlàfo: "Bí obìnrin náà bá rẹ́rìn-ín..." Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ́rìí ní àgọ́ ọlọ́pàá. Mo pa á rẹ́. Àdùkẹ́ ni oríkì ìyàwó, ìyẹn ni mo lò: "Bí Àdùkẹ́ wa bá rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé ní í bá a rẹ́rìn-ín." Àdùkẹ́ kì í ṣe orúkọ ọkùnrin, ìkẹ́ sì ti wà nínú rẹ̀. ("Ọkọ mi" kò ṣe é gbára lé tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ilé a máa pe ọmọbìnrin ilé ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.)

Ibi tó gba ìrònú ni ibi tí àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọkọ ṣèlérí pé òun á dúró títí ìyàwó á fi parí ẹ̀kọ́. Mo kọ ọ́ báyìí: "Àjàní sọ fún un pé òun yóò dúró dè é títí yóò fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀." "Òun" ló ń tọ́ka padà sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Bí a bá ní "pé yóò dúró de òun", ìyàwó ló di ẹni tó ń dúró yẹn.

Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e nínú Gẹ̀ẹ́sì kàn yí arọ́pò-orúkọ padà ni, olùkà sì ti mọ̀ pé ìyàwó ló ń fèsì. Bí èmi bá fi "Ó ní" bẹ̀rẹ̀, Àjàní ni etí á gbọ́. Nítorí náà mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan sí i: "Àdùkẹ́ ní ìdúró kọ́ ni òun ń bẹ̀rù, iyán òun ni Àjàní yóò jẹ tán." Mo kà á fún ìyá àgbà kan, mo bi wọ́n pé ta ló ni iyán. Wọ́n ní Àdùkẹ́ ni.

Ọ̀rẹ́ mi bèèrè bóyá kò yẹ kí òun pe ẹ̀gbọ́n òun ní "wọ́n". Mo ní rárá. "Wọ́n sọ pé àwọn yóò dúró" á dún bí ọ̀rọ̀ èrò púpọ̀.

Ó ku gbólóhùn ìparí: "Mo fẹ́ràn rẹ̀." Bí àmì ohùn bá já lórí "rẹ̀" níbi ìtẹ̀wé, ẹni tó ń kà á ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ náà bá wí. Mo fi "Mo fẹ́ràn Àdùkẹ́" rọ́pò rẹ̀.